Íápíìsì Wà Lọ́wọ́, Fóònù Ò Rí I

Ká mú ìyá aránṣọ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ó ní íápíìsì aláìníwáyà tó fi ń gba ìpè nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí lẹ́nu ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan, ó wo ojú fóònù, orúkọ íápíìsì ti pòórá. Ó pa Bluetooth, ó tún un tàn. Ó pa fóònù gan-an, ó tún un tàn. Pàbó. Àṣé ọmọ rẹ̀ tó gba fóònù ṣeré ló tẹ "Forget".

Íápíìsì ò bàjẹ́ o. Nígbà tí ohun èlò méjì bá kọ́kọ́ so pọ̀, wọ́n jọ ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà àṣírí kan, oníkálukú á sì tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. "Forget" pa ẹ̀dà inú fóònù rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú íápíìsì ṣì wà níbẹ̀. Íápíìsì tó bá sì gbà pé òun ti ní fóònù kì í sábà kéde orúkọ rẹ̀ fún àjèjì. Ẹni tó mọ̀ ló ń dúró dè. Fóònù ìyá yìí ti di àjèjì, ó lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Apá méjèèjì ló yẹ kí ó tún ṣe. Kí ó kọ́kọ́ pa Bluetooth lórí fóònù mìíràn tó ti lo íápíìsì náà rí, pàápàá ti ọmọ yẹn, kó má baà já a gbà. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ bọ́tìnnì ara ilé íápíìsì mọ́lẹ̀ títí iná yóò fi máa ṣẹ́jú. Lára AirPods tó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn, bí ìṣẹ́jú àáyá 15 ni, iná á ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn, kó tó di funfun. Ìgbà yìí ni kí ó tẹ "Pair new device".

Bí orúkọ bá yọ ṣùgbọ́n tí wọn ò gbà láti so pọ̀, nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà níbì kan: kí ó tẹ "Forget", kí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Bí fóònù mìíràn náà ò bá rí i, íápíìsì ni kí wọ́n gbé lọ bá alátùn-únṣe. Bí fóònù mìíràn bá rí i, tí tìyá ò sì rí ohunkóhun, ìgbà náà ló tó kan ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lórí Samsung, ó wà ní "Settings", "General management", "Reset". Fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn ò ní lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi tó wà nínú fóònù á parẹ́, àti ìsopọ̀ mọ́ ọkọ̀ tàbí aago ọwọ́. Kí ó ṣọ́ra kí ọwọ́ má ṣì tẹ "Factory data reset" tó wà lójú ewé kan náà, nítorí ìyẹn ń gbá gbogbo ohun inú fóònù dànù.