Eré Tó Ń Le Tó Tún Ń Rọ̀: Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Mọ Iye Kìlómítà Tó Sá?

Ẹni tó bá sá eré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò níṣòro ìṣirò. Àfi ẹni tó bá sá fátílẹ́ẹ̀kì, ìyẹn eré tí wọ́n ń sá kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n á rọra máa jọ́ọ̀gì, tí wọ́n á tún gbára dì. Gösta Holmér, akọ́nisáré ará Sweden, ló gbé e kalẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940, lẹ́yìn tí Paavo Nurmi àtàwọn ará Finland yòókù ti fi eré ọ̀nà jíjìn ná àwọn ará Sweden títí tó fi sú wọn. Inú igbó ni àwọn ọmọ Holmér ti ń sá tiwọn, bó bá sì ṣe wu kálukú ló ń ki eré mọ́lẹ̀. Lóde òní aago ló ń pàṣẹ, ìdí nìyẹn tí a fi lè ṣírò rẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù lára àwọn tó ń tẹ̀ lé aago ni èyí tí wọ́n fi orúkọ ìnagijẹ Steve Moneghetti pè, Mona. Ará Australia ni, òun ló sì gba wúrà máráthọ́ọ̀nù níbi Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ọdún 1994. Bí wọ́n ṣe ń sá Mona nìyí: sẹ́kọ́ńdì 90 lẹ́ẹ̀mejì, sẹ́kọ́ńdì 60 lẹ́ẹ̀mẹrin, 30 lẹ́ẹ̀mẹrin, àti 15 lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn eré líle kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jọ́ọ̀gì fún iye àkókò kan náà. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ogún ìṣẹ́jú gééré ni, eré líle gba mẹ́wàá, jọ́ọ̀gì gba mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà kò jìnnà. Ẹnì kan á ní, “Mo sá eré líle ní ìṣẹ́jú mẹ́rin fún kìlómítà kan, mo jọ́ọ̀gì ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, nítorí náà ìṣẹ́jú márùn-ún ni tèmi.” Á wá fi márùn-ún pín ogún, á ní kìlómítà mẹ́rin lòun sá. Ó dà bíi pé ó tọ̀nà, àmọ́ kò tọ̀nà.

Péèsì, ìyẹn ìṣẹ́jú tí kìlómítà kan ń gbà, iye owó ni. Ẹ jẹ́ ká fi gaàrí wò ó. Ẹ gbé ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà lọ sí ọjà kan tí kóńgò gaàrí ti jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì, ẹ ra kóńgò mẹ́fà. Ẹ gbé ẹgbẹ̀rún méjìlá mìíràn lọ sí ọjà tí kóńgò ti jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹ ra mẹ́rin. Kóńgò mẹ́wàá lẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún rà, ₦2,400 ni kóńgò kan sì bọ́ sí, kì í ṣe ₦2,500. Ìdí ni pé ọjà tó dínwó ti fún yín ní gaàrí púpọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi sáré líle ń ra kìlómítà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá jọ́ọ̀gì lọ. Kìlómítà 2.5 ni eré líle ọ̀gbẹ́ni yẹn, jọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ 1.67. Ó sá tó 4.17, ìṣirò tirẹ̀ sì ti gba nǹkan bíi mítà 170 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan àárín péèsì rárá. Ẹ sọ apá kọ̀ọ̀kan di mítà, kí ẹ tó ro wọ́n pọ̀. Ẹ sọ péèsì di sẹ́kọ́ńdì, ẹ fi pín sẹ́kọ́ńdì tí ẹ fi sáré, ẹ wá sọ èsì náà di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Ká mú asáré kan, ká pè é ní Akin, tó sá Mona. Péèsì eré 90 rẹ̀ jẹ́ 4:00, ìyẹn sẹ́kọ́ńdì 240. 90 tí a fi 240 pín jẹ́ 0.375, mítà 375 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe é, ó di 750. Eré 60 rẹ̀ jẹ́ 3:45, sẹ́kọ́ńdì 225, tó fi jẹ́ mítà 267 lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 1,067. Eré 30 ní 3:30 fún un ní mítà 571 lápapọ̀, eré 15 ní 3:20 sì fún un ní 300. Eré líle nìkan jẹ́ mítà 2,688.

Ó kù jọ́ọ̀gì. Láàárín eré gígùn, Akin ṣì lágbára, ó jọ́ọ̀gì ní 6:00 fún ìṣẹ́jú méje, mítà 1,167 nìyẹn. Nígbà tó dé orí àwọn 30 àti 15, mímí ti ń le, péèsì rẹ̀ bọ́ sí 6:40 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó di mítà 450. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mítà 4,305. Ká ní ó ti pín péèsì rẹ̀ sí àárín gẹ́gẹ́ bí àkókò tó lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 4,027 ni ì bá kọ sílẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń jáde látinú ẹ̀rọ ìṣirò: ẹni tó bá tẹ 3:45 bíi 3.45 ti sọ sẹ́kọ́ńdì márùndínláàádọ́ta di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nínú eré 60 mẹ́rin ti Akin, ìyẹn nìkan á fi mítà 93 tí kò sá kún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di sẹ́kọ́ńdì.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń bọ́ sí 3:20 lójú ẹsẹ̀ ni? Rárá o. Akin lè lo sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin kó tó kúrò ní jọ́ọ̀gì bọ́ sójú eré yẹn, á sì pàdánù bíi mítà márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò bá pé, kò ní dúró gbọnrangandan. Eré rẹ̀ á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì jèrè bíi mítà márùn-ún yẹn padà nínú jọ́ọ̀gì. Nítorí náà, àpapọ̀ ṣeé gbà gbọ́ ju apá kọ̀ọ̀kan lọ. Aago ọwọ́ tó ń lo sátẹ́láìtì náà kì í mọ péèsì eré sẹ́kọ́ńdì 15 dáadáa, nítorí kó tó mọ̀ pé ẹ ti ń sá, eré ti tán. Ẹ má ṣe mú péèsì tó bá kọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ wọ inú ìṣirò yìí.

Ohun tó ń ba ìṣirò jẹ́ ní tòótọ́ ni péèsì tí a rò pé a sá àmọ́ tí a ò sá. Pápá oní mítà 400 lè tú àṣírí yìí. 4,305 jẹ́ ìyípo mẹ́wàá àti mítà 305. Bí Akin bá kà á tó rí i pé ìyípo mẹ́wàá péré lòun ṣe, ó ti bu péèsì rẹ̀ kún. Kó rí i pé ọ̀nà inú pátápátá lòun wà o, torí ìyípo kan ní ọ̀nà kẹrin jẹ́ nǹkan bíi mítà 422. Mẹ́wàá rẹ̀ ti fi mítà 220 ju ti ọ̀nà inú lọ.

Bí Akin bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbóná ara, tó tún fi mẹ́wàá tu ara lẹ́yìn eré, ní 6:40, kìlómítà kan àbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ mítà 7,305. Kó kọ 7.3 sínú ìwé rẹ̀. Mítà márùn-ún tó kù yẹn, kò sí aago ọwọ́ tó lè búra sí i.