Kí ẹ tó ki abẹ́rẹ́ bọ ihò ráútà

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó fẹ́ yí pásíwọ́ọ̀dù Wáì-Fáì padà, torí àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Ó tẹ 192.168.0.1 sórí kọ̀ǹpútà, ráútà bá ní kó mú pásíwọ́ọ̀dù mìíràn wá. Ti Wáì-Fáì ló ń jẹ́ kí fóònù rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Èyí ló ń ṣí inú ráútà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá a gbé e kalẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, onítọ̀hún sì ti kúrò nílùú. Ó gbìyànjú èyí tí wọ́n kọ sí abẹ́ ráútà, kò ṣí.

Ó ku kó dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ihò tíntín kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ RESET sí. Iná gbọ́dọ̀ wà lára ráútà; ẹ ó fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ihò náà mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, títí àwọn iná iwájú yóò fi ṣẹ́jú. Bí ẹ bá tètè yọwọ́, ó lè kàn kú kó tún tàn, kí pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ṣe é, ó ṣẹ́jú. Wáì-Fáì yọ pẹ̀lú orúkọ tó wà lára bébà abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iná íńtánẹ́ẹ̀tì pọ́n kankan. PPPoE ni ilé iṣẹ́ tó ń fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò: ráútà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù oníbàárà hàn wọ́n kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Inú ráútà ni méjèèjì wà, ó sì ti bá omi lọ. Owó oṣù kò tíì tán, wáyà kò já, síbẹ̀ àfìgbà tó di Mọ́ńdè tí ẹnì kan gbé ìpè rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kàn. Ráútà ti máa ń fún un ní 192.168.0.50 lójoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ráútà ti gbàgbé, ó fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Kọ̀ǹpútà ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nìkankan ńbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti àwọn ọmọ àdúgbò ni, ì bá tún fún Wáì-Fáì ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́ láìyẹ lẹ́tà kan, gbogbo fóònù ì bá sì padà wọlé fúnra wọn. Ó wá ń ki tuntun bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó tiẹ̀ rí fáìlì kan tí ẹni ìjọ́sí fi ṣe ìpamọ́ ètò ráútà. Mo ní kó má dá a padà síbẹ̀: pásíwọ́ọ̀dù tí a kò mọ̀ yẹn wà lára ohun tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá padà, a ó sì tún wá abẹ́rẹ́.

Bó bá kàn yín, ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ gba orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù PPPoE sórí bébà. Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ Sátidé.