Babátúndé, Àjíǹde àti Yíyà Ọmọ

Ẹ gbọ́ ná. Ìbéèrè kan ń jà ràn-ìn lágbègbè wa, láti Ọ̀jọ́ dé Ìba títí dé Okokomaiko: ṣé onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Babátúndé tàbí Yétúndé? Àwọn kan ní kò yẹ, torí ẹni tó bá ní bàbá ti tún dé ti sẹ́ àjíǹde òkú. Àwọn òbí ọ̀dọ́ kan ti tìtorí ẹ̀ bá àgbà ilé wọn ṣe aáwọ̀, àwọn mìíràn ti yí orúkọ ara wọn padà. Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò, torí ìgbàgbọ́ mẹ́ta ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn.

Àkọ́kọ́ ni àtúnwáyé bí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Índíà ṣe mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó kú bọ́ ara kan sílẹ̀, ó gbé òmíràn wọ̀. Ìwà tó hù nígbà tó wà láyé, èyí tí wọ́n ń pè ní káámà, ló ń pinnu irú ayé tó tún ń bọ̀ wá lò, ó sì lè má padà sílé tó ti jáde rárá. Ìdè ni àlọ-àbọ̀ yìí jẹ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n ń lépa ni kí àwọn bọ́ nínú rẹ̀, kí àwọn má padà wá mọ́.

Ìkejì ni àjíǹde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Tá a bá fẹ́ sùn lálẹ́, a máa ń wí fún ara wa pé, "Àjíǹde ara á máa jẹ́ o." "Jí" ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó sùn lálẹ́ náà ló ń jí láàárọ̀, nínú ara tirẹ̀. Kì í jí sínú ara ẹlòmíràn. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nìyẹn ní orí 15 ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, níbi tó ti fi òkú wé irúgbìn tí a gbìn. Ohun tí Mùsùlùmí náà ń retí lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, gbogbo ènìyàn ló kàn, ìdájọ́ ló sì tẹ̀ lé e.

Ìkẹta ni tiwa, yíyà ọmọ. "Bàbá á yà lọ́wọ́ yín o" là ń wí fún ọmọ olókùú. Ẹ ṣàkíyèsí "yà" yẹn: ẹni tó yà sílé ọ̀rẹ́ kò torí bẹ́ẹ̀ kó kúrò nílé ara rẹ̀.

Ká ní bàbá àgbà kan kú ní Ọ̀jọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìba bí ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Babátúndé. Èyí tó wà ní Okokomaiko náà bí ọkùnrin, wọ́n sọ tirẹ̀ ní Babájídé. Bàbá kan, ọmọ méjì. Tó bá jẹ́ àtúnwáyé ti Índíà ni, ọ̀rọ̀ ti dàrú, torí ẹ̀mí kan kò lè gbé ara méjì wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa jà sí i nínú ẹbí. Bí ìgbéyàwó bá sì dé, àwọn tó ń ṣe ìṣẹ̀ṣe nínú wọn á lọ sójú oórì, wọ́n á ní kí Bàbá gbè wọ́n. Wọn ò ní gbé ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́.

Orí tún wà níbẹ̀. Ifá ní olúkúlùkù ló yan orí tirẹ̀ lọ́dọ̀ Àjàlá. Bí bàbá àgbà bá jẹ gbèsè kú, Babátúndé kò jogún àyànmọ́ gbèsè. Ìwà, ìrísí àti ìfẹ́ bàbá sí ilé rẹ̀ ló tún yọjú. Bàbá fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́run. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè ní 1962: òkú ń bẹ lọ́run, síbẹ̀ ó ń yà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àtúnwáyé gan-an. Àwọn Ìgbò aládùúgbò wa náà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀: Nnamdi, "bàbá mi ń bẹ", àti Nnenna, "ìyá bàbá".

Ibo wá ni ìjà gidi wà? Ó wà lójú oórì, níbi tí a ti ń bẹ òkú pé kó gbè wá, àti lójú ọpọ́n Ifá, níbi tí a ti ń wádìí ẹni tó yà. Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tó bá ní òun kò ní ṣe méjèèjì dúró lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rẹ̀, mi ò sì bá a jà. Àmọ́ orúkọ nìkan kò sọ pé ara bàbá kò ní jí ní ìkẹyìn, kò sì sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ ti kó sínú ọmọ. Ohun tí wọ́n fi ń tu olókùú nínú ni, pé ilé kò pa run.

Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yí Babátúndé padà, ẹ bi í léèrè: ta ló wá ń jẹ́ Bàbá lójú oórì ní Ọ̀jọ́?