Bí Kétou Ṣe Di K‚tou

Ẹ jẹ́ ká mú fáìlì àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà MS-DOS. Orúkọ àwọn ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ Benin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ bí àwọn tó ń lo Faransé níbẹ̀ ṣe ń kọ ọ́: Kétou, Sakété, POBÈ. Tí a bá ṣí i lórí Windows, ohun tí a lè rí ni K‚tou, Sak‚t‚, POBÔ.

Fáìlì náà kò bàjẹ́ o. Nọ́ńbà ni fáìlì ń tọ́jú, kì í tọ́jú lẹ́tà. Nígbà yẹn, báìtì kan ni lẹ́tà kan, báìtì kan kò sì lè ju oríṣi 256 lọ. 128 àkọ́kọ́ kan náà ni níbi púpọ̀. 128 tó kù ni olúkúlùkù ń pín bó ṣe wù ú. Àtẹ ìpín yìí ni wọ́n ń pè ní kóòdù péèjì. Nínú CP850, 82 ni é. Nínú Windows-1252, àmì ọ̀rọ̀ kékeré kan ló jókòó síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo báìtì fúnra rẹ̀:

```
xxd -g 1 ilu.txt
```

Kétou yóò hàn báyìí: `4b 82 74 6f 75`.

Ibi tó le nìyí, nítorí fáìlì náà kì í sọ àtẹ tí wọ́n lò. CP437 pẹ̀lú fi é sí 82, nítorí náà Kétou kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. POBÈ ló máa yanjú rẹ̀. Báìtì tó kẹ́yìn rẹ̀ ni d4: CP850 kà á sí È, CP437 kà á sí ╘, Windows-1252 kà á sí Ô. Ô yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ó jọ lẹ́tà gidi, ẹni tí kò mọ ìlú náà kò ní fura. Orúkọ tó dá yín lójú ni kí ẹ fi dán an wò.

```
iconv -f CP850 -t UTF-8 ilu.txt > ilu-utf8.txt
```

Ẹ má fi orúkọ kan náà sí ẹ̀yìn `>`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáìlì náà á ṣófo kí wọ́n tó kà á. Kétou yóò di `4b c3 a9 74 6f 75`: é ti gba báìtì méjì. Tí ẹ bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lórí èyí tí ẹ ti yí padà, K├®tou ló máa jáde. Iconv kò ní kìlọ̀ fún yín, nítorí kò sí báìtì tí CP850 kò ní ìtumọ̀ fún.

Ohun kan wà tí àṣẹ yìí kò lè ṣe. CP850 kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ rárá, nítorí náà ẹni tó ń tẹ̀wé nígbà yẹn ti ní láti yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò. UTF-8 ní àyè fún wọn, báìtì mẹ́ta ni ẹ máa ń gbà, `e1 ba b9`, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ orúkọ náà ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà.