Ọpẹ́ Lẹ́yìn Ìgbéyàwó: Kálukú Ni Tirẹ̀

Láyé ìsinyìí, bí ìgbéyàwó bá ti parí, àwọn ọmọ wa á kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí fóònù pé, "Ẹ ṣé gan-an, a dúpẹ́," wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò burú, àmọ́ kò tó. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tí kò dárúkọ oore tí èèyàn ṣe sì súnmọ́ àìdúpẹ́.

Mo rí ohun tó fà láàrin tọkọtaya kan ládùúgbò wa. Àbúrò bàbá ìyàwó, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, fi 50,000 náírà sí àkáǹtì ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ gbogbogbò yẹn nìkan ló rí gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìyá yìí ń rò ó bóyá owó há sí báńkì ni, tàbí wọ́n fojú kéré rẹ̀ ni. Kò sì lè béèrè, nítorí wọ́n á ní ó ń ka oore. Nígbà tí kò dá ìyàwó lóhùn mọ́, wọ́n bá gbé ẹjọ́ wá. Mo ní kí wọ́n wo alẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Owó ti wọlé tipẹ́! Orúkọ ìwé ìyá náà ló wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ sì ni gbogbo ilé fi ń pè é. Ìyàwó ò mọ̀ pé òun ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìwé ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán sídìí rẹ̀. Kó kọ orúkọ ẹni tó fúnni, ohun tó fúnni, àti ọwọ́ ẹni tó gbà á, torí owó míì á gba ọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá wọlé. Tí ẹ bá ń tú àpòòwé, ẹ kọ iye rẹ̀ sí i lára kí ẹ tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ tí ẹ ò bá mọ̀ lórí alẹ́ẹ̀tì, ẹ bi àwọn àgbà ilé. Owó tí wọ́n ná lójú agbo nìkan la ò lè mọ oní-ǹkan. Ìyẹn ni ọpẹ́ gbogbogbò wà fún.

Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ fẹ́ gbọ́ pé ó dé. Ẹ sọ ọ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fi ṣe, tó bá jẹ́ òótọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, 20,000 tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ ti dé. Òun la fi san owó àga àti kánọ́pì. Olódùmarè á fi kún un fún yín." Ẹ má dárúkọ iye owó lójú gbogbo ẹbí o. Ẹni tó mú 2,000 wá lè jẹ́ gbogbo ohun tó ní nìyẹn.

Àwọn àgbà ẹbí tó dúró fún yín, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn láàárọ̀. Kí ọkọ dọ̀bálẹ̀, kí ìyàwó kúnlẹ̀. Tí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n gbọ́ ohùn yín lórí fóònù. Ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Ti ọ̀rẹ́, iṣẹ́ tó ṣe ni kí ẹ dárúkọ: "Ọ̀rẹ́ mi, mo rí i pé o ò jẹun títí gbogbo àlejò fi jẹ. O ṣé."

Ní ti alásè, onílù, télọ̀ àti alága ìdúró, ẹ kọ́kọ́ san owó tó kù. Ọpẹ́ lórí gbèsè, ẹ̀gàn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ pé: "Ìyá alásè, owó yín ti pé. Àmàlà yín gbóná dé ọ̀dọ̀ àlejò tó kẹ́yìn. A ó júwe yín fún èèyàn." Bí àléébù bá wà, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ ṣọ́ àdúrà tí ẹ máa fi sí i pẹ̀lú. "Ẹ̀yin náà á ṣe tọmọ" dùn létí ọlọ́mọ, ó sì lè dun ẹni tó ṣì ń wá ọmọ. Fún àna tó jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì tàbí mùsùlùmí, ẹ fi Olódùmarè ṣàdúrà. Kò sẹ́ni tí kò ní ṣe àṣẹ.

Ẹni tí ẹ bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fàlà sí orúkọ rẹ̀. Ẹ má sọ ìwé náà nù. Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá ń ṣe ìnáwó tirẹ̀, òun lẹ máa ṣí wò kí ẹ tó jáde nílé.