Ojú Ewé Kẹta Lẹ́tà Iṣẹ́

Àbúrò mi kan tó ń ṣe akáǹtì nílé ìwé aládàáni n'Íbàdàn mú lẹ́tà iṣẹ́ kan wá bá mi. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ló fẹ́ gbà á. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀," ló wí, ìka rẹ̀ sì ti wà lórí náírà 320,000 lóṣù. Náírà 190,000 ló ń gbà níbi tó wà. Mo bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà mo ṣí lẹ́tà ọ̀hún sí ojú ewé kẹta, níbi tí wọ́n kọ bí iṣẹ́ náà ṣe lè parí sí. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ilé iṣẹ́ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ kà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní ni àkókò ìdánwò, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní puróbéṣọ̀n: oṣù mẹ́fà, "tí ilé iṣẹ́ lè fi kún un bó bá ṣe yẹ lójú rẹ̀." Èkejì ni nótíìsì. Títí puróbéṣọ̀n yóò fi parí, ọ̀sẹ̀ kan tó fún ẹnikẹ́ni láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí láti dá ẹnìkejì dúró. Bí wọ́n bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ilé iṣẹ́ yóò fún un ní nótíìsì oṣù kan, àmọ́ òun yóò fún ilé iṣẹ́ ní ti oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró kí nótíìsì pé lè san owó dípò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ilé iṣẹ́ lè lé e kíá láìsí nótíìsì bó bá hu "ìwà àìtọ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìlànà òṣìṣẹ́." Ìwé ìlànà náà kò sí nínú apòòwé.

Bí èèyàn bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dẹ́rù bani. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó kà wọ́n pọ̀, kó sì sọ wọ́n di owó: bí wọ́n bá dá mi dúró lónìí, èló ni yóò wà lọ́wọ́ mi? Bí èmi fúnra mi bá fẹ́ lọ, èló ni máa fi sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òfin yóò dí àlàfo tí lẹ́tà bá fi sílẹ̀. Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sọ̀rọ̀ nípa nótíìsì lóòótọ́: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí dé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó bá lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn dá lé. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti ọ̀mọ̀ṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa puróbéṣọ̀n. Fún akáǹtì bí àbúrò mi, ohun tó wà nínú lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ dé sí.

Nótíìsì yìí wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí ilé iṣẹ́ aládàáni bá dá èèyàn dúró lọ́nà tí kò bá àdéhùn mu, tó sì gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, iye tí ì bá gbà láàárín àkókò nótíìsì ni ìlànà àtijọ́ sábà máa ń fi ṣe owó gbà-má-bínú. Kóòtù kì í sábà dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn wà fún àwọn iṣẹ́ ìjọba kan tí òfin ti kọ bí wọ́n ṣe lè dá èèyàn dúró. Nítorí náà, ẹni tó ní nótíìsì oṣù kan ní ààbò oṣù kan.

Ààbò oṣù kan ti èló? Mo ní kó wo ojú ewé kejì. Nínú náírà 320,000 yẹn, 96,000 péré ni wọ́n pè ní owó oṣù gan-an. Owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti àwọn àjẹmọ́nú yòókù ló gba ìyókù. Lẹ́tà sì sọ pé owó oṣù gan-an ni wọn yóò fi ṣírò owó dípò nótíìsì. Òfin pàápàá ń yọ àjẹmọ́nú kúrò nínú ìṣirò yẹn fún àwọn tó kàn. Bí wọ́n bá dá a dúró nínú puróbéṣọ̀n, nǹkan bí náírà 24,000 ni yóò gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, 96,000. Bí òun bá sì rí iṣẹ́ mìíràn, tí ibẹ̀ kò lè dúró dè é, náírà 288,000 ni yóò san kó tó lè jáde.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé 320,000 ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò."

A wá gbé e sórí ọ̀rọ̀ ilé. Ilé bàbá wa ló ń gbé n'Íbàdàn, kì í san owó ilé. Ilé tó rí l'Ékòó yóò gba nǹkan bí mílíọ̀nù kan náírà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó éjẹ́ǹtì àti ti àgíríméǹtì. Kí a fi owó orí sílẹ̀ ná, 130,000 ni èrè tó máa jẹ lóṣù lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Oṣù mẹ́fà puróbéṣọ̀n yóò mú 780,000 wá. Ó di oṣù kẹjọ kí owó ilé tó padà, lẹ́tà yìí sì gba ilé iṣẹ́ láyè láti ṣì máa dán an wò ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin níbi iṣẹ́, tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, fẹ́ lọ síbi tí ọ̀sẹ̀ kan ti lè gbé e sórí títì.

Èyí kò ní kó kọ iṣẹ́ náà. Puróbéṣọ̀n oṣù mẹ́fà kì í ṣe ìwà ibi, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ rí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó fọkàn tán an. Ohun tó bí mi nínú ni puróbéṣọ̀n tí kò ní òpin. Àwọn kóòtù wa ti sọ pé bí àkókò náà bá kọjá, tí ilé iṣẹ́ kò wí nǹkan kan, tó ń sanwó fún èèyàn tó sì ń gba iṣẹ́ rẹ̀, ó ti fi ìwà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ bí lẹ́tà bá ti fún ilé iṣẹ́ ní àṣẹ láti máa fi kún un, yóò ní ohun tó máa gbé síwájú adájọ́.

A kọ ìmeèlì kúkúrú sí wọn. Ó béèrè pé kí àfikún puróbéṣọ̀n má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó má ju oṣù mẹ́ta lọ, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ fún un kí oṣù kẹfà tó pé. Ó ní kí nótíìsì jẹ́ oṣù kan fún tọ̀tún-tòsì, kí wọ́n fi gbogbo owó oṣù ṣe ìṣirò owó dípò rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé ìlànà ránṣẹ́ kó tó buwọ́ lùwé. Ẹ̀rù bà á pé wọ́n lè torí rẹ̀ gba iṣẹ́ náà padà. Mo sọ fún un pé ilé iṣẹ́ tí ìbéèrè bí irú èyí bá bí nínú ti sọ bó ṣe máa ṣe sí i.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, èsì dé. Wọ́n gba ti puróbéṣọ̀n, wọ́n gba ti nótíìsì oṣù kan, wọ́n fi ìwé ìlànà ránṣẹ́. Wọ́n kọ ti ìṣirò owó. Nínú ìwé ìlànà, a rí i pé wọ́n ka ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà àìtọ́ lẹ́sẹẹsẹ, àti pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà ẹ̀sùn kó sì fèsì kí wọ́n tó lé e. Ìyẹn fọkàn mi balẹ̀ ju owó lọ.

Ó buwọ́ lu lẹ́tà tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó sì fún ilé ìwé rẹ̀ ní nótíìsì oṣù kan bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kò gba ilé yẹn. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wa ní Ìkòròdú ló wà báyìí, ìrìn ibẹ̀ sí ọ́fíìsì jìn, aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jáde. Ó ti kọ ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà yóò pé sí ara kàlẹ́ńdà.