Yánníbo Ńkọ́? Bí A Ṣe Lè Fi Àlọ́ Kan Kọ́ Kíláàsì Tí Òye Wọn Kò Dọ́gba

Bí ẹ bá bi ọmọ ọdún 10 léèrè ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú àlọ́ Ìjàpá, ó ṣeé ṣe kí ó ti fèsì kí ẹ tó pa àlọ́ náà tán. Yóò ní kí a má ṣe ojúkòkòrò. Bí àlọ́ náà bá dá lórí ọ̀lẹ, ohun tí yóò sọ nìyẹn. Bí ó bá dá lórí ọ̀rẹ́ tí ó da ọ̀rẹ́, ìdáhùn kan náà ni. Ọmọ náà kò purọ́. Ó ti mọ ohun tí olùkọ́ ń fẹ́ gbọ́ ni. Àwọn tí ẹnu wọn yá a gba ìdáhùn náà sọ, àwọn tí kò lè ka Yorùbá dáadáa a sì jókòó máa wò wọ́n títí aago yóò fi lù.

Ní sáà tí ó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn jọ ṣe ètò ẹ̀kọ́ lórí àlọ́ àpagbè, a sì jọ kọ́ ọ. Ọmọ 30 ni ó wà nínú kíláàsì náà. Àwọn kan ń ka ìwé Yorùbá bí ẹni ń mu omi. Àwọn kan gbọ́ èdè náà yékéyéké ṣùgbọ́n àmì ohùn ń dà wọ́n láàmú bí wọ́n bá fẹ́ kà á. Àwọn mélòó kan sì wà tí kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ohun tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń ṣe fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà ní àlọ́ gígùn, kí wọ́n sì fún àwọn yòókù ní èyí tí a ti gé kúrú. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àlọ́ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́. Iṣẹ́ tí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lórí rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Àlọ́ tí a yàn ni ti Ìjàpá àti àsèjẹ Yánníbo. Ọ̀pọ̀ yín ni ó ti gbọ́ ọ rí. Yánníbo, aya Ìjàpá, ń wá ọmọ. Ìjàpá tọ babaláwo lọ, babaláwo se àsèjẹ fún un pé kí ó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òórùn àsèjẹ náà borí Ìjàpá lójú ọ̀nà, ni ó bá jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ wú, ó sì fi orin padà lọ bẹ babaláwo, ó ń díbọ́n pé ńṣe ni òun fẹsẹ̀ kọ tí ọwọ́ òun sì ṣèèṣì kan ẹnu. Bí ó ṣe parí yàtọ̀ láti ẹnu apàlọ́ kan sí èkejì: àwọn kan ní ó kú, àwọn mìíràn ní babaláwo tú u sílẹ̀.

Ìdí tí a fi yan àlọ́ yìí ni pé eegun rẹ̀ hàn ketekete. Ní ọdún 1928, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Fíládímírì Pírópù, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn àlọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ó to ìṣẹ̀lẹ̀ inú wọn sí oríṣi 31, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú wọn máa ń rìn ní méjì-méjì: bí ẹnìkan bá kìlọ̀, ẹlòmíràn yóò rú ìkìlọ̀ náà. Oríṣi 31 ti pọ̀ jù fún ọmọ kíláàsì karùn-ún. Márùn-ún ni àwa mú, a sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí páálí gàdàgbà: Àìní, Ìkìlọ̀, Ìrúfin, Àbájáde, Òpin.

Ìṣẹ́jú 40 ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ṣíde fún ìṣẹ́jú 5, nítorí pé òun ni àwọn àgbà sábà fi ń ṣáájú àpagbè, àti nítorí pé kò sí ẹni tí ó nílò ìwé láti dá sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi fi ìṣẹ́jú 10 pa àlọ́ náà láti ẹnu. Ìwé wà ní pípadé. Ojú ìwé ni àlàfo tí ó wà láàárín àwọn ọmọ ti máa ń fẹ̀. Etí ni wọ́n ti dọ́gba jù. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn ìkìlọ̀ babaláwo, ó sì bi wọ́n pé, “Kí ni yóò ṣẹlẹ̀?” Gbogbo kíláàsì ni ó dáhùn, títí kan àwọn tí kì í sọ̀rọ̀. Láìmọ̀, wọ́n ti fi hàn pé àwọn mọ̀ pé Ìkìlọ̀ ń pe Ìrúfin.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orin. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ kí ó tán, ó sì lè gbé àkókò tí ó kù mì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí wọ́n gbe é, kí àlọ́ sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́jú 12 ni ó tẹ̀ lé e, òun sì ni ọkàn ètò náà. A pín wọn sí ọ̀wọ́ 6, ọmọ márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, a sì da àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà pọ̀ mọ́ àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba páálí kan. Ẹni tí kò lè kọ̀wé yóò ya àwòrán ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi páálí rẹ̀, yóò sì fi ẹnu sọ ọ́. Ẹni tí ó lè kọ díẹ̀ yóò kọ gbólóhùn kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa yóò fi ìdí kún un: kí ló fà á? Òfin kan ṣoṣo ni a fi lélẹ̀, pé ẹni tí páálí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ lórí páálí náà. Bí kò bá sí òfin yìí, láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹni tí ó já fáfá jù yóò ti gba gbogbo páálí náà, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì di òǹwòran. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé irú ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni ẹ ó rí lórí páálí márààrún.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ ìwà, fún ìṣẹ́jú 8. A kò bi wọ́n pé, “Ẹ̀kọ́ wo ni àlọ́ yìí kọ́ wa?” A fún wọn ní gbólóhùn tí wọn yóò parí: “Nítorí pé… ni… fi ṣẹlẹ̀, nítorí náà…” Apá kìíní gbọ́dọ̀ ti ara páálí Ìrúfin àti Àbájáde wá. Ẹni tí ó bá ní kí a má ṣe ojúkòkòrò ní láti na ọwọ́ sí ibi tí ojúkòkòrò wà nínú àlọ́, kí ó sì sọ ohun tí ó bí.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe kan ti wọ́pọ̀. Ọ̀wọ́ méjì kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ inú àlọ́ náà ni pé a kò gbọdọ̀ tọ́ àsèjẹ wò. Ìkìlọ̀ ni wọ́n mú ní ẹ̀kọ́. Ìbéèrè kan ni a fi tọ́ wọn sọ́nà: “Ta ló sọ ọ́, ta ló sì ń sọ ọ́ fún?” Babaláwo ló sọ ọ́ fún Ìjàpá, inú àlọ́ ni ó wà. Ẹ̀kọ́ a máa jáde kúrò nínú àlọ́ kí ó tó lè kan àwa tí a ń gbọ́ ọ.

Nínú ọ̀wọ́ kan, páálí Àìní bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí èdè Ìgbìrà ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀. Ó ya Yánníbo tí ó jókòó lórí ẹní ní òun nìkan. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to páálí wọn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó wo èyí tí ó kẹ́yìn, níbi tí ẹnìkan ti ya Ìjàpá tí ikùn rẹ̀ ti fà padà, ó sì bi mí pé, “Àǹtí, Yánníbo ńkọ́?”

Kíláàsì dákẹ́. A ti dé Òpin, Àìní sì wà bí ó ṣe wà. Wọ́n tú Ìjàpá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ babaláwo kò dé. Láti ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí ó ti kọ “ojúkòkòrò kò dára” tẹ́lẹ̀ ti pa á rẹ́. Ó kọ èyí dípò rẹ̀: “Nítorí pé Ìjàpá jẹ ohun tí wọ́n fi rán an ni Yánníbo kò fi rí ọmọ bí, nítorí náà, ẹni tí a bá fi nǹkan rán kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀.” Ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀wé jù ni ọmọkùnrin yìí. Àwòrán ẹni tí kò lè ka ojú ewé kan tán ni ó mú un dé ibẹ̀.

Ìṣẹ́jú 5 tí ó kù wà fún ìgbéléwọ̀n. Ẹ má fi àlọ́ tí wọ́n ti mọ̀ dán wọn wò, nítorí pé ohun tí wọ́n rántí ni ẹ ó máa wọ̀n. Mo hun kékeré kan fúnra mi: òǹgbẹ ń gbẹ Ẹtu nígbà ọ̀dá; Àparò fi ìsun omi hàn án, ó ní kò gbọdọ̀ kọrin níbẹ̀; Ẹtu mu omi yó, inú rẹ̀ dùn, ó kọrin; ọdẹ gbọ́. Wọn yóò sọ, tàbí kí wọ́n yà, ibi tí Ìkìlọ̀ àti Ìrúfin wà, kí wọ́n sì sọ bóyá Àìní tán. Ọmọ 24 nínú 30 rí méjèèjì. Àwọn 6 yòókù rí Ìrúfin ṣùgbọ́n wọ́n pe òǹgbẹ ní Ìkìlọ̀. Àwọn ni ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ pè jọ ní ọjọ́ kejì.

Páálí márùn-ún yìí kò bá gbogbo àlọ́ mu o. Ẹ mú àlọ́ Ìjàpá àti Erin: Ìjàpá fi oyè ọba tan Erin wọ ìlú títí ó fi jìn sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ìtẹ́. Kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀tàn ni ó gba ipò Ìkìlọ̀, ẹlẹ́tàn ni ó sì jàre. Bí ẹ bá fi tipátipá wá ìkìlọ̀ sí i, àwọn ọmọ yóò hùmọ̀ rẹ̀ láti tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ fi àyè páálí náà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí ó yẹ kí a kọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ àmúrelé wọn ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àlọ́ kan lẹ́nu òbí tàbí ìyá àgbà rẹ̀, ní èdè yòówù tí wọ́n bá ń sọ nílé, kí ó sì wá sọ páálí tí kò rí nínú rẹ̀. Ọmọ 11 ni ó mú àlọ́ tí kò ní Ìkìlọ̀ padà wá, páálí Ẹ̀tàn sì ti di ìkẹfà lára ògiri kíláàsì wọn.